Èlé àti Ìtanràn Lórí Káàdì Àwìn ní Amẹ́ríkà

Ọ̀nà méjì ni ilé ìfowópamọ́ ní Amẹ́ríkà fi ń bu owó lé gbèsè ẹni tó ń lo káàdì àwìn: èlé àti ìtanràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ san èlé gbọ́dọ̀ san gbogbo gbèsè tó wà nínú ìwé oṣù náà kí gbèdéke tó kọjá. Ẹni tó jẹ́ pé ìtanràn nìkan ni kò fẹ́ san, ìwọ̀nba owó kékeré kan tí ilé ìfowópamọ́ là sílẹ̀ fún un ló máa san kí gbèdéke kan náà tó kọjá. Gbèdéke kan ṣoṣo ni, àmọ́ iye owó méjì tó jìnnà síra wọn ló so mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè máa sanwó lóṣooṣù láìpẹ́ rí, kó má jẹ ìtanràn kọ́bọ̀, kí gbèsè rẹ̀ sì wà níbi tó wà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Káàdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí èyí. Owó oníkáàdì fúnra rẹ̀ nìyẹn ń fà. Bí owó bá tán nínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀, káàdì kò ní ṣiṣẹ́. Owó ilé ìfowópamọ́ ni káàdì àwìn ń ná. Gbogbo nǹkan tí ènìyàn bá fi rà, àwìn ló rà á, ilé ìfowópamọ́ ló sì san owó fún ọlọ́jà. Ohun tó kù ni bí oníkáàdì yóò ṣe san án padà, àti iye tí yóò fi lé e.

Ìṣirò káàdì kì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Oníkáàdì kọ̀ọ̀kan ní oṣù ìṣirò tirẹ̀, tó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kan kó sì parí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí oṣù ìṣirò bá parí, ilé ìfowópamọ́ á ka gbogbo ohun tí oníkáàdì rà, á sì fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i. Nínú ìwé náà ni yóò ti rí gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, iye tó kéré jù lọ tó gbọ́dọ̀ san, àti gbèdéke ìsanwó. Òfin káàdì tí Ààrẹ Bàrákì Òbámà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009 pàṣẹ pé ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí ìwé náà bá jáde àti gbèdéke. Òfin yìí kan náà ló ní kí gbèdéke jẹ́ ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, nítorí kí òfin tó dé, àwọn ilé ìfowópamọ́ kan a máa sún un síwá sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí oníkáàdì kò fi ní mọ ìgbà tí yóò bọ́ sí i.

Àárín ọjọ́ tí ìwé gbèsè jáde àti gbèdéke yẹn ni àwọn ènìyàn ń pè ní ọjọ́ oore-ọ̀fẹ́. Bí gbogbo gbèsè inú ìwé bá wọlé kí ọjọ́ náà tó kọjá, ilé ìfowópamọ́ kò ní gba èlé kankan lórí ọjà tí oníkáàdì rà. Òfin kò fi dandan lé e pé kí ilé ìfowópamọ́ fún ènìyàn ní oore-ọ̀fẹ́ yìí o. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n bá ti fún un, kò gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ 21. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàdì Amẹ́ríkà ló ní i, nítorí àìsí rẹ̀ yóò lé oníbàárà lọ.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ìṣirò náà yéni. Kí a sọ pé obìnrin nọ́ọ̀sì kan ní Húsítìn ní káàdì tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú 100 lọ́dún. Èlé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, nítorí láti ọdún 2023 ni ìpíndọ́gba èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Oṣù ìṣirò rẹ̀ ń parí ní ọjọ́ karùn-ún, gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ ọgbọ̀nọjọ́ oṣù. Kò jẹ gbèsè kankan tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, ó fi káàdì náà ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó ní $1,200. Ìwé gbèsè jáde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, $1,200 ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá san $1,200 náà pé ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹrin, ọjọ́ 51 ló fi lo owó ilé ìfowópamọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rà á ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, tí ó ku ọ̀la kí ìṣirò parí, ọjọ́ 26 péré ni yóò rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń dúró kí oṣù ìṣirò tuntun wọlé kí wọ́n tó ra ọjà ńlá.

Nígbà tí oníkáàdì kò bá san gbogbo rẹ̀ pé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ká ní nọ́ọ̀sì yìí san $1,150 ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹrin, tó ku $50. Kò pẹ́ san, owó tó san sì ju èyí tó kéré jù lọ lọ fíìfíì. Kò sí ìtanràn. Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2009 dáàbò bò ó díẹ̀ níbí: ilé ìfowópamọ́ kò lè gba èlé lórí $1,150 tó ti san kí gbèdéke tó kọjá, kò sì lè padà sẹ́yìn lọ ka èlé láti ọjọ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì nínú oṣù ìṣirò tó ti kọjá. Lórí $50 tó kù nìkan ni èlé yóò ti hù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, kò sì ní ju nǹkan bíi dọ́là kan lọ. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2010, àwọn ilé ìfowópamọ́ kan a máa ka èlé lórí gbogbo $1,200 bí ẹni pé kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí títí dòní.

Dọ́là kan náà kọ́ ni ìṣòro. Ọjà tuntun ni. Nígbà tí oore-ọ̀fẹ́ bá ti bọ́, gbogbo ohun tí oníkáàdì bá tún rà bẹ̀rẹ̀ sí í hu èlé láti ọjọ́ tó rà á: epo mọ́tò, oúnjẹ inú ilé, oògùn. Kò sí ọjọ́ 25 mọ́, kò sí ọjọ́ 51 mọ́. Ẹni tó jẹ $50 kù tó sì ń fi káàdì kan náà ra ọjà $2,000 lóṣù ń san èlé lórí $2,000 yẹn, $50 ni kò jẹ́ kó rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, nítorí lójú wọn, gbèsè kékeré kò lè bí èlé ńlá.

Bí wọ́n ṣe ń ka èlé náà kò le. Wọ́n á pín ìdá 24 sí ọjọ́ 365, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́fà àti ààbọ̀ lórí $100 kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wọ́n á wo iye gbèsè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù ìṣirò, wọ́n á wá ìpíndọ́gba rẹ̀, wọ́n á sì fi èlé ọjọ́ kan àti iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó yẹ kí oníkáàdì fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á. Bí ẹni tí oore-ọ̀fẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá rí owó ní ọjọ́ kẹwàá, kò sí ìdí tí yóò fi dúró de ọgbọ̀nọjọ́. Ogún ọjọ́ tó fi dúró yẹn, èlé ń gùn ún. Ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ sì máa ń ro èlé àná mọ́ gbèsè kí wọ́n tó ka ti òní, tó fi jẹ́ pé èlé náà ń bí ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Owó gbígbà lẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú káàdì àwìn kò sí lára gbogbo oore-ọ̀fẹ́ yìí. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ti gbà á ni èlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n èlé náà sì sábà máa ń ga ju ti ọjà lọ, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí wọn yóò yọ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku owó tó kéré jù lọ tí oníkáàdì gbọ́dọ̀ san, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé gbèsè gẹ́gẹ́ bí "Minimum Payment Due". Ilé ìfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣírò rẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á mú ìdá kan nínú 100 gbèsè, wọ́n á fi gbogbo èlé oṣù náà lé e, àti ìtanràn bó bá wà. Bí àròpọ̀ rẹ̀ kò bá tó iye kan, bíi $35, $35 náà ni oníkáàdì yóò san.

Kí a padà sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì náà. Nínú ìwé oṣù Kẹrin, èlé kò tíì sí, ìdá kan nínú 100 lórí $1,200 jẹ́ $12 péré, nítorí náà $35 ni ìwé bèèrè. Ká ní $35 náà ló san ní ọgbọ̀nọjọ́. Ká ní ó tún ti fi káàdì ra oúnjẹ àti aṣọ $300 ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin. Nígbà tí ìwé jáde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì tó kù jẹ́ $1,165, èlé ọgbọ̀n ọjọ́ lórí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $23. Oúnjẹ àti aṣọ $300, tí èlé ogún ọjọ́ lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi $4. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ $1,492. Iye tó kéré jù lọ tí ìwé yìí bèèrè jẹ́ nǹkan bíi $42. Bó bá san $42 náà, $27 ti bá èlé lọ. $15 ló dín nínú ojú owó. Ó san $42, gbèsè rẹ̀ sì wá sí $1,450, nígbà tí èlé oṣù tuntun ti ń gùn ún láti ọjọ́ kẹfà.

Ẹni tó mọ ìtàn ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá yóò rí ohun tó jọ ọ́ níbí. Ìṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko ológò kì í dín ojú owó kù. Èlé owó ni iṣẹ́ náà jẹ́, títí dìgbà tí ẹbí bá kó owó náà wá lódidi. Ti káàdì sàn díẹ̀, nítorí ìdá kan nínú 100 ń bọ́ lára ojú owó lóṣù, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Ohun tó tún burú nínú ìṣirò yìí ni pé owó tó kéré jù lọ náà ń kéré sí i bí gbèsè ṣe ń dín kù. Àpẹẹrẹ tó tóbi ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ ló fi èyí hàn dáadáa. Kí a mú gbèsè $5,000 lórí káàdì kan náà, tí oníkáàdì kò tún ra ohunkóhun lé e. Ní oṣù àkọ́kọ́, èlé jẹ́ nǹkan bíi $100, ìdá kan nínú 100 sì jẹ́ $50, nítorí náà $150 ni ìwé bèèrè. Lóṣù kejì, gbèsè ti di $4,950, ìwé sì bèèrè nǹkan bíi $148 àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kò ní bèèrè ju nǹkan bíi $133 lọ. Ó dà bí ìrọ̀rùn lójú ẹni tó ń san án. Bó bá jẹ́ pé iye tí ìwé ń bèèrè yìí nìkan ló ń san títí gbèsè yóò fi tán, yóò lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó bọ́, èlé tó máa san yóò sì lé ní $8,400 lórí $5,000 tó yá.

Kí ẹni yìí kan náà wá pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí owó náà dín kù, pé $150 oṣù àkọ́kọ́ ni òun yóò máa san lóṣooṣù láìka ohun tí ìwé bá bèèrè sí. Kò fi kọ́bọ̀ kún ohun tó ń san láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè náà yóò tán láàárín ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ, èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi $3,300. Ìyàtọ̀ tó lé ní $5,000 yẹn kò ti ibòmíràn wá ju pé ó kọ̀ láti tẹ̀ lé owó náà bó ṣe ń wálẹ̀.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà mọ èyí nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ọdún 2009. Wọ́n ní kí ilé ìfowópamọ́ tẹ àpótí kékeré kan sínú ìwé gbèsè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ iye ọdún tí yóò gba oníkáàdì bó bá jẹ́ iye tó kéré jù lọ nìkan ló ń san, àti iye tó yẹ kó máa san lóṣù bó bá fẹ́ kí gbèsè náà tán ní oṣù 36. Fún gbèsè $5,000 tí a ń sọ yìí, iye ìkejì náà yóò jẹ́ nǹkan bíi $196. Àpótí yìí ni ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ìwé náà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, nítorí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń sanwó, wọn kì í ṣí ìwé gan-an wò.

Orí fóònù náà ni àṣìṣe mìíràn ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó máa lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù yóò rí ibi tí wọ́n ti ní kó yan iye. "Minimum Payment Due" wà níbẹ̀, "Statement Balance" wà níbẹ̀, nígbà mìíràn "Current Balance" náà wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ń gbà á lọ́wọ́ ìtanràn nìkan. Èkejì ni gbogbo gbèsè inú ìwé tó jáde gbẹ̀yìn, òun ló sì ń pa oore-ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹta fi ohun tí oníkáàdì rà lẹ́yìn tí ìwé jáde kún un. Kò pọn dandan kó san èyí kó tó bọ́ lọ́wọ́ èlé. Ẹni tó bá tẹ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó gba káàdì tó sì gbàgbé lè lo ọdún gbọọrọ láìmọ̀ pé òun ń san èlé, níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó pè é rí láti sọ pé ó pẹ́ san.

Ìtanràn ní tirẹ̀ kò nídìí púpọ̀. Bí iye tó kéré jù lọ kò bá tíì wọlé nígbà tí gbèdéke kọjá, ilé ìfowópamọ́ á bu ìtanràn lé gbèsè náà. Òfin kò gbà kí wọ́n ti àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà ṣáájú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí gbèdéke bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi tí ilé ìfowópamọ́ kì í gba lẹ́tà, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà tó bá dé lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Ọjọ́ tí owó dé ọ̀dọ̀ ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí oníkáàdì fi sọ̀wédowó sínú àpò lẹ́tà.

Iye ìtanràn náà ní òté. Nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, iye tí ilé ìfowópamọ́ lè gbà láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè jẹ́ $25 fún ìgbà àkọ́kọ́, àti $35 bí oníkáàdì bá tún pẹ́ láàárín oṣù ìṣirò mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Bí ọjà ṣe ń wọ́n ni iye náà ń gòkè. Ní 2024 ó ti di $30 àti $41. Lọ́dún náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó gbé òfin kan jáde tó máa sọ ìtanràn àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá di $8. Àwọn ilé ìfowópamọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Tẹ́sáàsì, ilé ẹjọ́ dá a dúró ní oṣù Karùn-ún 2024, ó sì wọ́gi lé e pátápátá ní oṣù Kẹrin 2025.

Ààlà kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀: ìtanràn kò gbọdọ̀ ju iye tó kéré jù lọ tí oníkáàdì kò san lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bèèrè $12 kò lè jẹ ìtanràn $30. $12 ni ó pọ̀ jù. Bí ilé ìfowópamọ́ bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníkáàdì ní ẹ̀tọ́ láti pè wọ́n kó ní kí wọ́n dá ìyókù padà. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ san fún ìgbà àkọ́kọ́ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fojú fo ìtanràn náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ máa ń ṣe é fún oníbàárà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan lé e.

Ká ní nọ́ọ̀sì wa mọ gbèsè $1,200 rẹ̀ dáadáa, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ jẹ́ kó gbàgbé, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ló tó san gbogbo rẹ̀. Ìtanràn $30 wọlé, oore-ọ̀fẹ́ sì bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, èlé á sì wà lórí gbogbo $1,200 láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ tó san. Ẹni tó san $35 péré ní ọgbọ̀nọjọ́ kò jẹ ìtanràn rárá, nígbà tí èyí tó san $1,200 lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó lè dà bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé ìtanràn kò bá iye tí ènìyàn san ṣe lẹ́yìn tí gbèdéke bá kọjá.

Lẹ́yìn ìtanràn, ọjọ́ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe le tó. Títí di ọjọ́ 30 lẹ́yìn gbèdéke, àárín oníkáàdì àti ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí ọjọ́ 30 bá pé, wọ́n lè fi tó àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè létí, ìyẹn Experian, Equifax àti TransUnion, yóò sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà fún ọdún méje. Onílé tó fẹ́ háyà yàrá àti ilé ìfowópamọ́ tó fẹ́ yáni lówó ilé á rí i. Bí ọjọ́ 60 bá pé, òfin gbà kí ilé ìfowópamọ́ gbé èlé gbèsè àtijọ́ pàápàá sókè, èyí tó sábà máa ń lọ sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Bí oníkáàdì bá wá san lásìkò lóṣù mẹ́fà léraléra lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọjọ́ 180 bá pé tí kò sí ìsanwó, ilé ìfowópamọ́ á kọ gbèsè náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù nínú ìwé rẹ̀, èyí kò sì pa gbèsè náà rẹ́ lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́. Wọ́n lè tà á fún àwọn tó ń sin gbèsè.

Ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìdí tí ìdá 24 tàbí 30 fi bá òfin mu, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní òfin tó fi òté lé èlé. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ kan tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ní 1978, láàárín ilé ìfowópamọ́ Marquette ní Mìnẹsótà àti First of Omaha ní Nẹ̀bíráskà. Ilé ẹjọ́ ní òfin èlé ìpínlẹ̀ tí ilé ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ fìdí sọlẹ̀ sí ló dè é, kì í ṣe ti ibi tí oníbàárà ń gbé. Gúúsù Dàkótà àti Dẹ́láwíà bá ká òté èlé tiwọn kúrò, àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá sì kó ẹ̀ka káàdì wọn lọ síbẹ̀. Citibank kó tirẹ̀ lọ sí Sioux Falls ní Gúúsù Dàkótà. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kan náà fi ìtanràn pípẹ́ kún un. Bí nọ́ọ̀sì bá ń gbé ní Húsítìn, òfin Tẹ́sáàsì kọ́ ló ń sọ èlé káàdì rẹ̀.

Ẹni tó ti pàdánù oore-ọ̀fẹ́ lè gbà á padà, ṣùgbọ́n ohun kan wà lójú ọ̀nà tó máa ń da ènìyàn lójú rú. Ká ní nọ́ọ̀sì náà rí owó àjẹmọ́nú gbà, tó sì fi san gbogbo $1,492 inú ìwé oṣù Karùn-ún ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù náà, tí kò tún ra ohun kan. Ó ti rò pé ó parí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ìwé mìíràn dé: ó jẹ nǹkan bíi $24. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Èlé ojoojúmọ́ láti ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ tó sanwó ni, èyí tí kò lè sí nínú ìwé ìṣáájú nítorí pé kò tíì hù nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pe ilé ìfowópamọ́ kó béèrè iye gan-an tí yóò pa gbèsè rẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ san án.

Bí ó bá sọ ìwé $24 yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rò pé àṣìṣe ni, gbèdéke oṣù Kẹfà yóò kọjá, ìtanràn yóò sì wọlé. Níwọ̀n bí $24 ti jẹ́ gbogbo ohun tó jẹ, òun náà ni iye tó kéré jù lọ, ìtanràn náà kò sì lè ju $24 lọ; síbẹ̀, gbèsè ti di ìlọ́po méjì, ọjọ́ 30 sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Ṣùgbọ́n bó bá san án lásìkò, lórí ọ̀pọ̀ káàdì, oore-ọ̀fẹ́ ti padà nìyẹn, nítorí pé wọ́n ti gba gbogbo gbèsè inú ìwé pé. Àwọn káàdì kan ń bèèrè pé kí ó san ìwé méjì pé léraléra. Inú àdéhùn tí oníkáàdì fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gba káàdì, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí èlé ọjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n kọ èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀ sí.